Òrùka tí n ó máa wọ̀ lójoojúmọ́: èwo ni kí n mú?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin alágbẹ̀dẹ wúrà. Ilé-Ifẹ̀ ni mo ń gbé, mo sì ń wá òrùka tí n kò ní máa bọ́ bí mo bá ń fọ abọ́. Èyí tí wọ́n kàn fi iná mànàmáná da wúrà fẹ́ẹ́rẹ́ bò lára idẹ kò sí nínú ohun tí mò ń rò, nítorí láàárín oṣù díẹ̀ ni ìhà àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ máa ń ṣí.

Méjì ló kù. Ọ̀kan ní òǹtẹ̀ 1/20 14K GF, ìyẹn ni pé ìpele wúrà tí wọ́n fi ooru àti ìtẹ̀mọ́lẹ̀ lẹ̀ mọ́ idẹ jẹ́ ìdá kan nínú ogún ìwọ̀n òrùka náà. Èkejì ní òǹtẹ̀ 925, fàdákà tí wúrà ara rẹ̀ nípọn tó máíkírọ́ọ̀nù 2.5. Mo mọ̀ pé ti àkọ́kọ́ nípọn jù, ṣùgbọ́n òrùka náà fẹ̀ jù fún ìka mi, ó sì di dandan kí wọ́n gé e kí wọ́n tó jó o pọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé idẹ kò ní hàn lójú ibi tí wọ́n bá gé? Bí mo bá sì mú ti fàdákà, ọdún mélòó ni ẹ rí i pé ó ń lò lórí ìka kí ó tó nílò àtúndà wúrà?