Ìrìn àsansílẹ̀ tàbí ìrìn àretí?

Akẹ́kọ̀ọ́ èdè, Àgọ́-Ìwòyè:

Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Ìjẹ̀bú-Òde ní kí n túmọ̀ ìwé pélébé kan fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó ń fi fóònù ra ọ́pṣọ̀n Amẹ́ríkà. Ìwé náà ní kí wọ́n fi ímpíláìdì múùfù, ìyẹn ìrìn ìpín tó wà nínú owó ọ́pṣọ̀n, wé ríyáláìsì múùfù, ìyẹn bí ìpín ṣe rìn gan-an, kí wọ́n tó ra sitirádù tàbí sitiráńgù ní àsìkò tí ilé iṣẹ́ bá fẹ́ jábọ̀ èrè rẹ̀, àti pé kéèyàn kàn pín owó tó san fún un sí iye ìpín náà, ímpíláìdì múùfù nìyẹn. Mo ti kọ “ìrìn àretí” àti “ìrìn tó ṣẹ”. Sitirádù, mo pè é ní “ìgẹṣin”. Sitiráńgù, “ìfúnlọ́rùn”. Ṣé ó tọ́ bẹ́ẹ̀? Kí sì ni ká pe ẹ́ẹ̀jì, ìyẹn ohun tó ń mú kí olùrà tàbí olùtà lékè ẹnì kejì?

Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, Òde-Rẹ́mọ:

Ọmọ mi, o kú iṣẹ́. “Ìfúnlọ́rùn” yẹn kò lè dúró. Bí àwọn alájẹṣẹ́kù bá kà á, ọlọ́pàá ni wọn yóò pè. Àwọn tó sọ nǹkan wọ̀nyí lórúkọ ní Amẹ́ríkà ń dápàárá ni, kò sì pọn dandan ká bá wọn dá a. Kí ẹni tó ń ṣòwò náà kọ́kọ́ sọ bó ṣe rí fún wa, ibẹ̀ la ó ti fún un lórúkọ.

Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́:

Ẹ kú àárọ̀, ẹ̀yin àgbà. Èmi ń ṣe é. Ọ́pṣọ̀n méjì lèèyàn ń rà pa pọ̀. Ọ̀kan fún ọ ní ẹ̀tọ́ láti ra ìpín ní iye tí ẹ ti dá, ìkejì fún ọ ní ẹ̀tọ́ láti tà á. Bí ìpín bá fò sókè, ẹ̀tọ́ ìrà á pa owó, bó bá já wálẹ̀, ẹ̀tọ́ ìtà á pa owó, bó bá dúró sójú kan, owó rẹ wọlé ẹlòmíràn. Ní sitirádù, iye àdéhùn kan náà làwọn méjèèjì ní, níbi tí ìpín wà lónìí gan-an. Ní sitiráńgù, àdéhùn ìrà wà lókè, àdéhùn ìtà wà nísàlẹ̀. Ó dínwó, ṣùgbọ́n ìpín gbọ́dọ̀ rìn jìnnà kó tó débẹ̀.

“Ìrìn àretí” dára lójú tèmi, torí ohun tí ọjà ń retí ni. Ọjà a sì máa retí àṣejù. Ìpín kan wà tí mo ń ṣọ́. Lẹ́yìn ìjábọ̀ mẹ́jọ tó gbẹ̀yìn, ó rìn báyìí, yálà sókè tàbí sísàlẹ̀: 3%, 5%, 2%, 11%, 4%, 6%, 16%, 5%. Ó wà ní 200 dọ́là báyìí, sitirádù rẹ̀ sì jẹ́ 14 dọ́là, ìyẹn 7%. Ẹ̀ẹ̀mejì péré nínú mẹ́jọ ló kọjá 7%! Ẹni tó ń tà á ló ń jẹ. Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà síwájú ìwé yẹn kí àwọn èèyàn wa yéé rà á.

Ìyá Oníṣirò, Ìjẹ̀bú-Òde:

Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, o ṣeun tí o kọ nǹkan sílẹ̀, ọ̀pọ̀ kì í kọ ọ́. Àmọ́ “ẹ̀ẹ̀mejì nínú mẹ́jọ” kò lè sọ fún wa bóyá 14 dọ́là wọ́n tàbí kò wọ́n. Iye sitirádù dúró fún bí ìrìn ṣe máa tóbi tó tí a bá pín gbogbo wọn dọ́gba. Kì í ṣe ààlà tí ìdajì ìrìn máa kọjá. Ìrìn kéékèèké ló máa ń pọ̀, ńlá máa ń ṣọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n àwọn ńlá ló ń fa ìpíndọ́gba sókè. Nítorí náà, kódà bí iye náà bá tọ́ gẹ́lẹ́ tí ẹnì kankan kò rẹ́ ẹnì kejì jẹ, ẹni tó rà á yóò pàdánù ju ìdajì ìgbà lọ. Bí ìrìn bá tẹ̀lé ìlànà tí àwọn oníṣirò sábà ń lò, nǹkan bí ìgbà 42 nínú 100 ni yóò jèrè. Ti ìjábọ̀ èrè tún máa ń kéré sí i, torí ó máa ń ju àgbàyanu síta lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹ jẹ́ ká ro tirẹ̀ bó ṣe yẹ. Àròpọ̀ mẹ́jọ yẹn jẹ́ 52. Pín in sí mẹ́jọ, 6.5% ni. Ẹ wá fi 6.5 wé 7. Òótọ́ ni pé olùtà lékè, ṣùgbọ́n díẹ̀ báyìí ni. Ó tún kù. 14 yẹn jẹ́ àárín. Ẹni tó fẹ́ tà lójú ẹsẹ̀ máa bá 13.70 lójú fóònù, ẹni tó fẹ́ rà máa bá 14.30. O tà ní 13.70, 6.85% nìyẹn, ohun tó kù fún ọ jẹ́ 0.35%, sẹ́ǹtì 70 lórí ìpín kan. Kọ́ńtíráàtì kan gbé ìpín 100, nítorí náà 70 dọ́là, kí oníṣòwò tó gba owó iṣẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí 16% bá tún dé, ìpín máa rìn 32 dọ́là, o máa pàdánù 1,830 dọ́là lórí kọ́ńtíráàtì yẹn. Ẹ fi ìjábọ̀ kẹsàn-án tó jẹ́ 16% kún àkọsílẹ̀ náà, ìpíndọ́gba di 7.56%, olùrà ló wá lékè, kódà ní 14.30. Ìjábọ̀ kan ṣoṣo ló yí gbogbo ẹjọ́ padà. Àkọsílẹ̀ mẹ́jọ kò lágbára tó láti fi dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́.

Ìpín META, ilé iṣẹ́ tó ni Facebook, já ju 26% lọ lọ́jọ́ kan ní oṣù kejì 2022, NFLX, ìyẹn ìpín Netflix, já 35% ní oṣù kẹrin ọdún kan náà. Nínú ìjábọ̀ mẹ́jọ tó ṣáájú ti ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, kò sí èyí tó tóbi tó bẹ́ẹ̀.

Ó wá kan ti orúkọ. “Àretí” kò tẹ́ mi lọ́rùn. Iye ni 7% yẹn, àsọtẹ́lẹ̀ kọ́. Bí oníṣòwò obì ní Sábó Ṣágámù bá san owó sílẹ̀ lórí obì tí kò tíì kúrò lóko, owó náà kò sọ iye tí obì máa jẹ́ ní Kánò. Ó sọ ohun tí òun àti ẹni tó gbowó fẹnu kò sí ni, ìbẹ̀rù méjèèjì sì wà nínú rẹ̀. Mo dábàá “ìrìn àsansílẹ̀”.

Fún sitirádù, “ìsopọ̀ ojúkan”, fún sitiráńgù, “ìsopọ̀ ojúméjì”, torí ojú iye àdéhùn ni ìyàtọ̀ wọn. Orúkọ yìí á tún gbà wá lọ́wọ́ àṣìṣe tó wà nínú ìwé ẹgbẹ́ yẹn. Ojúkan nìkan lèèyàn lè pín sí iye ìpín kó rí ìrìn àsansílẹ̀. Lórí ìpín 200 dọ́là yìí, ká ní ẹ̀tọ́ ìrà ní 210 jẹ́ 3.20, ẹ̀tọ́ ìtà ní 190 jẹ́ 3.00. Ojúméjì náà jẹ́ 6.20. Ẹni tó bá pín 6.20 sí 200 máa rí 3.1%, á wo ìpíndọ́gba 6.5%, á sì pariwo pé òun rí owó nílẹ̀. Irọ́ ni. Ìpín gbọ́dọ̀ dé 216.20 tàbí 183.80, ìyẹn ìrìn 8.1%, kí owó rẹ̀ tó padà délé. Ẹ wo ìrìn mẹ́jọ yẹn: mẹ́ta péré ló kọjá 10 dọ́là tí ojúméjì fò, èyí 6%, 11% àti 16%. Wọ́n máa san 2, 12 àti 22 dọ́là. Pín 36 sí mẹ́jọ, 4.50 ni. 4.50 yìí lèèyàn ń fi wé 6.20, ojúméjì tó pè ní pọ́ọ́kú sì wọ́n ju ojúkan lọ.

Bàbá kan ní Ṣágámù:

Ẹ ṣeun, ìyá wa. Bàbá mi fi ìpín ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì sílẹ̀ fún mi, ìjábọ̀ wọn sì máa jáde láìpẹ́. Ìrìn àsansílẹ̀ rẹ̀ ńkọ́? Ṣé kí n tà kí wọ́n tó jábọ̀ ni?

Ìyá Oníṣirò:

Bàbá, kò sí èyí tẹ́ ẹ lè kà. Ní ọjà ìpín Èkó, kò sí ọ́pṣọ̀n lórí ìpín ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ohun tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2022 jẹ́ àdéhùn ọjọ́ iwájú lórí àkójọ ìpín. Ìpín kan níbẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ rìn kọjá 10% lójúmọ́, nítorí náà ìròyìn ńlá lè fi ọjọ́ mélòó kan wọ inú iye rẹ̀. Ti tà tàbí má tà, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn.

Tíṣà, Òde-Rẹ́mọ:

Mo fara mọ́ ojúkan àti ojúméjì. Akẹ́kọ̀ọ́, “tó ṣẹ” náà ní àléébù. Àlá àti àsọtẹ́lẹ̀ ló ń ṣẹ. Bí wọ́n bá san 7 sílẹ̀ tí ìpín rìn 2, kí ló ṣẹ níbẹ̀? Kọ “ìrìn tó wáyé”. Má kọ “ìrìn gidi”, torí yóò sọ èkejì di ayédèrú.

Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́:

Ìyá, mo gbọ́ ti ìṣirò, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n ẹ wo ojú fóònù wọn: `Expected Move` ni wọ́n kọ síbẹ̀. Bí ìwé bá ń pè é ní àsansílẹ̀ tí fóònù ń pè é ní àretí, ta ni yóò so méjèèjì pọ̀ fún wọn? Èmi kò kúrò lórí àretí.

Ìbéèrè kan tún wà. “Tó wáyé” láti ìgbà wo dé ìgbà wo? Ìjábọ̀ sábà ń jáde lẹ́yìn tí Nìyú Yọ́ọ̀kì bá pa ọjà, aago mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá alẹ́ lọ́dọ̀ wa. Èmi máa ń wọn ọ́n dé ìgbà tí ọjà ṣí lọ́jọ́ kejì, torí ibẹ̀ ni mo ti ń jáde.

Ìyá Oníṣirò:

Bí o bá ń jáde nígbà tí ọjà ṣí, wọn ọ́n débẹ̀, kò sí ìjà. Ohun tí kò dára ni kéèyàn di í mú dé ìgbà tí ọjà pa, kó sì máa fi àkọsílẹ̀ ti ìṣí ṣe ìṣirò. Ṣọ́ra fún ọjọ́ ìparí náà. Mu ọ́pṣọ̀n tó máa kú kété lẹ́yìn ìjábọ̀. Bó bá ṣì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, apá kan nínú owó yẹn jẹ́ ti àwọn ọjọ́ lásán, ìrìn àsansílẹ̀ tó o kà á sì ga ju ti ìjábọ̀ nìkan lọ. Nígbà tí ìjábọ̀ bá tán, owó ìbẹ̀rù á jáde kúrò nínú gbogbo ọ́pṣọ̀n ìpín náà lójú ẹsẹ̀. Ìpín lè fò sókè 4% kí ẹ̀tọ́ ìrà tó o rà lójú owó ńlá má jèrè kankan.

Akẹ́kọ̀ọ́ èdè, Àgọ́-Ìwòyè:

Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ti yọ ẹṣin àti ọrùn kúrò. Màá kọ “ìrìn àsansílẹ̀”, màá sì fi ohun tí fóònù kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ọkàn Ẹ̀gbọ́n wa láti Ìkẹ́nnẹ́ lè balẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ́ẹ̀jì ńkọ́? Mo ti kọ “àǹfààní”.

Ìyá Oníṣirò:

Àǹfààní gbòòrò jù. Èrè sì kọ́ o, èèyàn lè jèrè lọ́jọ́ kan láìní in rárá. Ìyọkúrò la fi ń rí i: ìpíndọ́gba ìrìn tó wáyé, ká yọ ọ́ kúrò nínú àsansílẹ̀, ká yọ owó ọjà. “Ìyọkù” ńkọ́?

Tíṣà, Òde-Rẹ́mọ:

“Ìyọkù” ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò kíláàsì kejì, kò sì sí ọmọ tó gbà pé ó lè kéré ju òdo lọ. Tiyín lè kéré jù ú lọ, ẹ ti fi hàn wá. Ẹ jẹ́ ká ṣì wá òmíràn.