Okùnfà, ìdí, àti ìṣubú Ákádì

Olùkọ́ ìtàn, Àkúrẹ́:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà èdè. Àkọsílẹ̀ fún àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdírì ni mò ń ṣe, lórí ohun tí àwọn òpìtàn kò fi gbà pé "okùnfà kan ṣoṣo" ló wó ìjọba ńlá àtijọ́. Ákádì, ìjọba ńlá àtijọ́ kan ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Ìráàkì lónìí, ni àpẹẹrẹ mi. Ṣé "okùnfà" ni kí n lò ni, àbí "ìdí"?

Akọ̀wé tó ti fẹ̀yìn tì, Oǹdó:
Kò le rárá, àbúrò. Ìdí ni ohun tó ti wà nílẹ̀ tipẹ́, okùnfà ni èyí tó dé gbẹ̀yìn tó bẹ́ ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Bí ògiri ò lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́. Ní Ákádì, ọ̀dá ló la ògiri, àwọn Gútì tó sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè ni aláǹgbá. Ó tán.

Atúmọ̀ ìwé ìtàn, Àkúrẹ́:
Ẹ ṣeun, Bàbá. Ìpín yẹn wúlò, àmọ́ kò tíì tán. Èwo ló ṣáájú èwo? Ibẹ̀ gan-an ni ìjà wà.

Ní 1993, awalẹ̀pìtàn Harvey Weiss àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé lórí Tẹ́ẹ̀lì Léílánì, ìlú kan ní àríwá Síríà tí àwọn ará Ákádì ti ń kó ọkà báálì. Wọ́n rí i pé àwọn èèyàn fi ìlú náà sílẹ̀ ní nǹkan bí 2200 ṣáájú Krístì. Ilé kan wà níbẹ̀ tí wọn kò kọ́ parí. Eruku tí afẹ́fẹ́ gbé wá wà nínú ilẹ̀ ìgbà náà, ihò ekòló sì ṣọ̀wọ́n níbẹ̀. Ibi tí ekòló ò bá ti rìn, ilẹ̀ ibẹ̀ ti gbẹ. Òjò nìkan ni àgbẹ̀ ibẹ̀ gbójú lé. Bí òjò ọdún kan ò bá tó nǹkan bíi mìlímítà 250, ọkà ò ní gbó. (Tiwa níbí ju 1,000 lọ, ìyẹn ni kò fi rọrùn fún wa láti rò ó.)

Èyí mú àlàyé ọ̀dá lágbára lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ṣì ń gbé ní Tẹ́ẹ̀lì Búrákì, tí kò jìnnà sí Léílánì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlú náà kéré sí ti tẹ́lẹ̀. Ní gúúsù, omi odò ni wọ́n fi ń dáko, kì í ṣe òjò. Bí ọ̀dá bá tó láti wó ìjọba, kí ló dé tí ìlú kan ṣófo tí èkejì ò ṣófo?

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí tún wà níbẹ̀. Hóró ọkà tó jóná ni wọ́n fi ń ṣírò, ìṣirò kábọ̀nù sì lè fi àlàfo 100 ọdún sílẹ̀. Nárámù-Sínì, ọba Ákádì, àti ọmọ rẹ̀ Ṣakaliṣárì tó jọba lẹ́yìn rẹ̀, àwọn méjèèjì lápapọ̀, kò lò ju nǹkan bí 60 ọdún lórí oyè. Bí àlàfo ìṣirò bá ju ìgbà ọba méjì lọ, ta ni yóò sọ bóyá ọ̀dá dé kí ààfin tó dàrú, tàbí lẹ́yìn rẹ̀?

Pé ààfin dàrú kò ṣe é jiyàn. Lẹ́yìn Ṣakaliṣárì, àkọsílẹ̀ orúkọ ọba ti Súmérì, ilẹ̀ gúúsù tó wà lábẹ́ Ákádì, béèrè pé: ta ni ọba, ta ni kì í ṣe ọba? Ó wá ka orúkọ mẹ́rin fún ọdún 3 péré.

Ìyá oníwèé, Oǹdó:
Ẹ fi ọ̀nà jíjìn yẹn sílẹ̀. Ọ̀yọ́ Ilé ńkọ́? Èpè Aólẹ̀ ló tú u ká. Okùnfà kan ṣoṣo nìyẹn.

Atúmọ̀ ìwé ìtàn, Àkúrẹ́:
Ìyá, Ákádì náà ní ìtàn èpè. Ewì Súmérì kan ní Nárámù-Sínì wó tẹ́ńpìlì Énlílì ní Nípúrù, òrìṣà bínú, ìlú bàjẹ́. Bẹ́ẹ̀ àkọsílẹ̀ ìgbà ayé wọn fi hàn pé òun àti ọmọ rẹ̀ ń tún tẹ́ńpìlì náà kọ́ ni, ọmọ náà sì jọba fún nǹkan bí ọdún 25 lẹ́yìn rẹ̀. Aólẹ̀ náà kú ní nǹkan bí 1796, àmọ́ àwọn ọdún 1830 ni wọ́n tó pa Ọ̀yọ́ Ilé tì. Àfọ̀njá àti ogun Òwu wà láàárín. Èpè sọ ohun tí àwọn tó kù ń rò, kò sọ bí nǹkan ṣe tò tẹ̀ léra.

Olùkọ́, tèmi ni pé kí ẹ kọ "àwọn okùnfà", kí ẹ fi "ìdí" sílẹ̀. Ẹni tó bá pe ọ̀dá ní ìdí ti dá ẹjọ́ kó tó gbọ́ ọ. Èmi ò sì fẹ́ "ìparun": ìjọba ló tú, èdè Ákádì ṣì wà ní kíkọ fún nǹkan bí 2,000 ọdún sí i. "Ìtúká ìjọba" ló yẹ ẹ́.

Akọ̀wé tó ti fẹ̀yìn tì, Oǹdó:
Ìtúká kẹ̀? Ìpàdé ló ń túká. Ìlú tó ṣófo bíi Léílánì ṣubú ni.

Olùkọ́ ìtàn, Àkúrẹ́:
Ẹ ṣé o. Màá kọ "ìṣubú" fún Léílánì, "ìtúká" fún ìjọba. Àmọ́ bí wọ́n bá bi àwọn ọmọ léèrè pé èwo ló kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ ńkọ́?