Kọ̀ǹpútà tuntun 9, 3 péré ló ń ṣiṣẹ́. Ẹ gbà mí o!

Akọ̀wé Kékeré: Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn, orí ló ń fọ́ mi. Ọ̀gá wa ra kọ̀ǹpútà tuntun 9. Ẹni tó ń bójú tó nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa tẹ́lẹ̀ ti fiṣẹ́ sílẹ̀, kò fi ìwé kankan sílẹ̀, ni ọ̀gá bá ní kí èmi akọ̀wé máa ṣe é torí pé mo mọ kọ̀ǹpútà tẹ̀. Mo to gbogbo wọn. 3 ń ṣiṣẹ́ dáadáa, 6 tó kù kọ̀ jálẹ̀. Mo ti pààrọ̀ wáyà lẹ́ẹ̀mejì. Lójú tèmi, ẹni tó tà wọ́n ló kó àlòkù fún wa, ṣùgbọ́n ọ̀gá ní èmi ni mo bà wọ́n jẹ́. Láti àárọ̀ ló ti ń pariwo mọ́ mi lójú àwọn ọmọ tó wá kọ́ṣẹ́. Kí ni kí n ṣe?

Baba Kámẹ́rà: Irú èyí ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Kámẹ́rà 16 ni tèmi, 5 ṣàdédé ṣú. Mo wá a tì lọ́jọ́ méjì, àṣé èkúté ló jẹ wáyà lókè àjà. Gun òkè àjà lọ wò ó.

Akọ̀wé Kékeré: Bàbá, mo ní mo ti pààrọ̀ wáyà.

Ìyá Wáyà: Ọmọ mi, àdírẹ́sì wo lo fún wọn? Ṣé ráútà ló ń pín in ni, àbí ìwọ lo fọwọ́ tẹ̀ ẹ́? Lọ sídìí ọ̀kan tó ń ṣiṣẹ́, tẹ èyí, kí o kọ ohun tó bá gbé jáde síbí.

```
ipconfig
```

Akọ̀wé Kékeré: Ọwọ́ la fi ń tẹ̀ ẹ́, ma. Ọ̀gá fẹ́ mọ nọ́ńbà oníkálukú. Òun nìyí:

```
IPv4 Address . . . : 192.168.10.92
Subnet Mask  . . . : 255.255.255.224
Default Gateway  . : 192.168.10.65
```

Ti àwọn tó wà tẹ́lẹ̀ parí sí 91, ni mo bá bẹ̀rẹ̀ láti 92 dé 100.

Òtítọ́ Korò: Ohun tó yẹ kó o kọ́kọ́ sọ nìyí. Gbogbo ìtàn ọ̀gá tó ń pariwo yẹn ò ràn wá lọ́wọ́.

Ìyá Wáyà: Kò sẹ́ni tó ta àlòkù fún yín. Wo nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn nínú máàsìkì yẹn, 224. Yọ ọ́ kúrò nínú 256, ó ku 32. Ìyẹn ni pé wọ́n ti gé àdírẹ́sì yín sí ìpín oní-32: 0 dé 31, 32 dé 63, 64 dé 95, 96 dé 127, ó ń bá a lọ bẹ́ẹ̀. Gétíwéè yín, ìyẹn ráútà, ni 65, nítorí náà ìpín 64 sí 95 lẹ wà. 64 tó ṣíwájú ni orúkọ ìpín náà fúnra rẹ̀. 95 tó kẹ́yìn la fi ń ké sí gbogbo ẹ̀rọ inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. A kì í fún ẹ̀rọ kankan ní èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ó wá ku 65 dé 94, àdírẹ́sì 30, ráútà sì ti mú ọ̀kan níbẹ̀.

Jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí lọ́dọ̀ rẹ: 92, 93 àti 94 ń ṣiṣẹ́. 95 àti 96, Windows ò gbà wọ́n rárá. 97 dé 100, ó gbà wọ́n, wọn ò kàn rí íńtánẹ́ẹ̀tì ni.

Akọ̀wé Kékeré: Háà! Ṣé ẹ wà ní ọ́fíìsì wa ni, ma? Bó ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn. Nígbà tí mo tẹ 97, ó tilẹ̀ bi mí ní nǹkan kan nípa gétíwéè, mo bá tẹ Yes.

Òtítọ́ Korò: Ó ń kìlọ̀ fún ọ, o tẹ Yes.

Kíá-Kíá: Ẹ̀yin èèyàn ń fa ọ̀rọ̀ gùn. Yí máàsìkì gbogbo wọn sí 255.255.255.0, àdírẹ́sì 254 lo máa rí. Ó parí.

Akọ̀wé Kékeré: Mo ti dán an wò lórí 98 báyìí. Kò rí nǹkan kan síbẹ̀.

Ìyá Wáyà: Kò lè rí i. Máàsìkì kì í bá ìránṣẹ́ rìn. Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ló ń fi tirẹ̀ wo ẹni tó fẹ́ bá sọ̀rọ̀: ṣé ará ìpín mi ni, kí n pè é tààrà, àbí ará ìta, kí n gbé e fún ráútà? 98 rẹ ti ń ka ráútà sí ará ilé, ṣùgbọ́n 224 ṣì wà lórí ráútà, kò ka 98 sí ará ilé. Ọ̀rọ̀ lọ, èsì ò bọ̀. Ẹnu mélòó ni ráútà yín fi ń bá ọ́fíìsì sọ̀rọ̀?

Akọ̀wé Kékeré: Ẹnu 2. Ẹ̀ka owó wà lẹ́nu kejì. Mi ò mẹ́nu bà wọ́n torí pé wọ́n ní ilẹ̀kùn tiwọn, wọn kì í jẹ́ ká fọwọ́ kan nǹkan wọn. Tiwọn bẹ̀rẹ̀ láti 97, ó dé 104.

Òtítọ́ Korò: Ó sì ti gbé 97 fún kọ̀ǹpútà.

Kíá-Kíá: Kó yí ti ráútà náà sí 255.255.255.0.

Ìyá Wáyà: Ẹnu méjèèjì á wá máa sọ pé àwọn ló ni ilẹ̀ kan náà. Ọ̀pọ̀ ráútà ò ní gbà á.

Ẹ jẹ́ ká kà á. Ti tẹ́lẹ̀, 65 sí 91, jẹ́ 27 pẹ̀lú ráútà. Fi 9 kún un, 36. 30 ò gbà á. Máàsìkì tó tẹ̀ lé e ni 255.255.255.192: 256 dín 192 jẹ́ 64, yọ 2, ó ku 62. Ṣùgbọ́n ìpín oní-64 kì í bẹ̀rẹ̀ níbi tó bá wù wá, 0, 64, 128 tàbí 192 ni. Tí ẹ bá dúró sí 64, ó máa dé 127, ó sì máa gbé ẹ̀ka owó mì. Yálà kí ẹ̀yin kó lọ sí 128, kí gbogbo àdírẹ́sì yín yí padà, tàbí kí wọ́n kúrò níbẹ̀.

Kíá-Kíá: Kọ̀ǹpútà mélòó ni wọ́n ní? Tó bá jẹ́ 6, máàsìkì 248 tó wọn. 8 yọ 2, 6 géérégé.

Ìyá Wáyà: Ráútà ńkọ́? Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ńkọ́? 97 sí 104 tó sọ yẹn, 8 ni. 240 ni kí wọ́n lò: ìpín oní-16, àdírẹ́sì 14. Ẹ gbé wọn sí 192, kí wọ́n máa lo 193 dé 206.

Baba Kámẹ́rà: Èmi ì bá ní kí ráútà máa pín àdírẹ́sì fúnra rẹ̀. Fífọwọ́ tẹ̀ ẹ́ yìí ló fa gbogbo wàhálà.

Akọ̀wé Kékeré: Ọ̀gá ò ní gbà, bàbá.

Ìyá Wáyà: Tó bá tiẹ̀ ń pín in, 30 náà ni yóò máa pín. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.

Akọ̀wé Kékeré: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ̀ka owó gbà nígbẹ̀yìn, wọ́n ti kó lọ sí 193. Mo yí máàsìkì ráútà àti ti gbogbo kọ̀ǹpútà wa sí 192, kò sẹ́ni tó pààrọ̀ nọ́ńbà. Kódà 95 àti 96 ti ń ṣiṣẹ́! Ohun kan ló kù: ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wa, 70, ń tẹ̀wé fún gbogbo èèyàn dé 94, ṣùgbọ́n kò dá àwọn 6 tuntun yẹn lóhùn. Àbí ó ti bàjẹ́ ni?

Baba Kámẹ́rà: Wo wáyà rẹ̀.

Ìyá Wáyà: Ohun tó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn kan kò bàjẹ́. Wo ojú ẹ̀rọ yẹn, máàsìkì wo ló wà níbẹ̀?

Akọ̀wé Kékeré: 224, ma. Àyè gétíwéè rẹ̀ sì ṣófo.