Ẹni tó ta ẹja yìnyín rí, tó wá fẹ́ di olùtọ́jú ilé ìkóògùnsí

Alábòójútó ilé ìkóògùnsí, Òkè-Fìà:
Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe wá ẹni tí yóò máa tọ́jú ibi tí a ń kó oògùn sí ní Òṣogbo níbí. Ìyá kan tó ti ta ẹja yìnyín ní ọjà Ìgbọ̀nà fún ọ̀pọ̀ ọdún wà lára àwọn tó kọ̀wé wá. Kò sí ohun kan nínú ìwé rẹ̀ tó jọ ohun tí a polówó, ẹni tí a jọ jókòó sì ti fẹ́ yọ orúkọ rẹ̀, nítorí ó bi í bí ó ṣe ń ṣètò ọjà tó ní ọjọ́ ìparí, ìyá náà sì dákẹ́. Mo wá sọ fún un pé, "Mà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ ọjọ́ kan fún wa tí ẹja fẹ́ bàjẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́."

Ó ní iná lọ, òun sì ń fi ọwọ́ kan etí páálí kòtè àti ti títùsì lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí yìnyín etí rẹ̀ ti ń yọ́ ni òun kọ́kọ́ kó síta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ kó o dé ni, òun sì fi èyí tó ti pẹ́ nílẹ̀ àmọ́ tó ṣì le gan-an sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ti ṣe iṣẹ́ ìkóọjàsí rí ló máa ń sọ pé èyí tó kọ́kọ́ wọlé ni yóò kọ́kọ́ jáde, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ ìparí oògùn tó dé lóṣù tó kọjá lè pé ṣáájú ti èyí tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ohun tí a ń wá gan-an ni ìyá yìí sọ.

Oníṣòwò, Ìta Ọlọ́kan:
Mo ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé òwò kan náà ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá mọ ọjà tà yóò mọ oògùn tọ́jú, ẹ kàn fún un ní ìwé ọ̀rọ̀ tó yẹ kí ó máa sọ.

Alábòójútó ilé ìkóògùnsí, Òkè-Fìà:
Ó kù síbì kan, ẹ̀gbọ́n. A fún un ní ìwé rìsíìtì bíi mélòó kan, a ní kí ó ká a sí pé àjọ NAFDAC pàṣẹ pé kí a dá oògùn tó ní nọ́ńbà báàṣì kan padà, ìyẹn nọ́ńbà tí a fi ń mọ àwọn oògùn tí wọ́n ṣe pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: àwọn oníbàárà wo ni a tà á fún? Ó ní òun yóò rántí ojú wọn. Nínú òwò ẹja, bí ọjà bá ti kúrò lórí tábìlì, ó tán nìyẹn, nítorí náà kò sí ohun tó kọ́ ọ ní èyí. A fi bí a ṣe ń tọpa rẹ̀ hàn án, a sì fún un ní ìwé mìíràn: nínú oníbàárà mẹ́ta, ó rí méjì.

Olùkọ́, Ayétòrò:
Ẹ jọ̀wọ́, báwo ni kí èmi ṣe kọ tèmi? Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ń ṣe, mo sì fẹ́ máa dá àwọn òṣìṣẹ́ báńkì lẹ́kọ̀ọ́. Mo kọ ọ́ pé mo ń kọ́ ọmọ 60 ní kíláàsì kan, kò sẹ́ni tó pè mí.

Ẹni tó ń gba òṣìṣẹ́ síṣẹ́, Gbọ́ngan:
Olùkọ́, iye ọmọ nìkan kò sọ ohun tí ẹ lè ṣe fún wọn. Ẹ kọ ohun tí àwọn ọmọ kò lè ṣe tẹ́lẹ̀, ohun tí ẹ yí padà nínú ẹ̀kọ́ yín, àti bí ẹ ṣe mọ̀ pé ó yé wọn.

Ọ̀rọ̀ ìyá ẹlẹ́ja yẹn dùn mọ́ mi, ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mo bẹ̀rù. Nígbà tí ẹni tó wá ń sọ ìtàn rẹ̀, àwa tó ń gbọ́ lè fi ìmọ̀ tiwa kún un, kí a sì rò pé òun ló sọ ọ́. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo ń yí nǹkan kan padà nínú ìbéèrè náà. Ẹni tó ń ṣe é nítorí àṣà yóò tún èsì àkọ́kọ́ wí. Ẹni tó mọ ìdí rẹ̀ yóò yí èsì rẹ̀ padà. Iṣẹ́ kan náà ni mo sì ń fún gbogbo ẹni tó wá, a ó sì ti kọ máàkì sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó sọ̀rọ̀.

Alábòójútó ilé ìkóògùnsí, Òkè-Fìà:
A ṣe irú rẹ̀. A ní 40 páálí là ń tà lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjì ni ọjà fi ń dé. Bí ó bá ku mélòó ni yóò ránṣẹ́ pé kí wọ́n kó òmíràn wá? Ó ní 80 ni yóò tán ká tó rí ọkọ̀, ṣùgbọ́n ọkọ̀ lè bàjẹ́ lọ́nà, nítorí náà bí ó bá ku 120 ni òun yóò ti ránṣẹ́. A ní bí ó bá di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ńkọ́? Kò tilẹ̀ wo ìwé tó fi ní 160.

A gbà á. Oògùn tó wọlé àti èyí tó jáde, apoògùn wa ni yóò máa tún nọ́ńbà báàṣì wọn yẹ̀ wò pẹ̀lú rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Owó oṣù rẹ̀ ni a kò tíì fẹnu kò lé lórí. Ẹnì kejì mi ní ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni, èmi ní a kò lè san owó ẹni tí kò mọ nǹkan kan fún un.

Ẹni tó ń gba òṣìṣẹ́ síṣẹ́, Gbọ́ngan:
Ẹ jẹ́ kí oṣù mẹ́ta yẹn pé ná. Bí kò bá sí báàṣì tó sọnù lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ gbé àkọsílẹ̀ oṣù mẹ́ta náà síwájú ẹnì kejì yín.