Ẹ ti dá orin rí tí ègbè ò gbè é?

Ìyá Ìbejì: Níbi àìsùn òkú kan ni mo ti dá orin. Òkè ni mo ti mú un, torí ibẹ̀ lohùn tèmi ti dùn jù. Nígbà tó kan ègbè, obìnrin mẹ́ta péré ló lè débẹ̀. Àwọn ọkùnrin sọ ọ́ kalẹ̀, àwọn tó kù ń pàtẹ́wọ́ lásán. Nígbà tí mo lé e lẹ́ẹ̀kẹta, ohùn ara mi nìkan ni mò ń gbọ́. Ta ló ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí?

Baba Alágogo: Ó ṣe èmi náà rí. Kí ẹ tó lanu, ègbè ni kí ẹ kọ́kọ́ fimú kùn, kì í ṣe lílé. Ẹ wá ibi tó ga jù nínú rẹ̀. Tí ẹ bá kùn ún láìna ọrùn, àwọn èrò á lè gbé e. Lẹ́yìn ìyẹn lẹ ó tó wá ibi tí lílé yín máa bọ́ sí. Kò sí láburú tí lílé bá ga ju ègbè lọ, ẹnì kan ló kúkú ń gbé e.

Ẹ má sì dúró kí ègbè tán pátápátá. Tí ègbè bá gba ìró agogo mẹ́rin, lórí ẹ̀kẹrin ni mo ti ń wọlé. Bí àlàfo bá wà níbẹ̀, àtẹ́wọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré láti dí i.

Olórin Ìjọ: Màíkì ni ìṣòro yín, ìyá. Tiwa náà ń ké níjọ́sí. Àti pé ohùn kan ṣoṣo ni Yorùbá fi ń gbè. Bí ẹ bá pín in, ó ti dorin òyìnbó.

Ọmọ Èkìtì: Lọ́dọ̀ àwọn Ọ̀yọ́, bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ohùn méjì ni àwa Èkìtì àti àwọn Ìjẹ̀ṣà fi ń gbè, àwọn Akan ní Gánà náà ń ṣe é. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá ìyá mi ni mo ti kọ́ ọ. Ohùn ìsàlẹ̀ ń tẹ̀ lé tòkè bí òjìji: bó gòkè, a gòkè, bó sọ̀, a sọ̀. Olùkọ́ akọrin wa kan ní kí àwa ìsàlẹ̀ máa gòkè nígbà tí òkè bá ń sọ̀. Nígbà tá a dé orí "ọkọ̀", "ọkọ́" ló ń jáde lẹ́nu wa! A kọ orin náà tán, kò sẹ́ni tó mọ ohun tá a ń wí.

Ìyá Ìbejì: Ẹ ṣé, bàbá. Mo kùn ún lánàá kí n tó dá orin nípàdé wa, tọkùnrin tobìnrin ló gbè é. Tí mo bá wá fẹ́ yí ègbè padà láàárín orin ńkọ́?

Baba Alágogo: Ẹ fi ẹnu yín gbe ègbè tuntun náà lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á gbà á.

Ọmọ Èkìtì: Bàbá, ẹ má bínú, tiwa kì í gbà á bẹ́ẹ̀. Àwọn tó wà lẹ́yìn á ṣì máa gbe ti àtijọ́. Èmi máa ń ní kí ìlù dákẹ́ ná.

Baba Alágogo: Bí ìlù bá dákẹ́, àwọn tó ń jó á lọ jókòó. Èmi ò lè ṣe é.