Orúkọ onítumọ̀ méjì nínú eré tí mò ń túmọ̀: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ̀yin àgbà àti ẹlẹgbẹ́ mi nídìí iṣẹ́ ìtumọ̀, mo kí yín láti Àkúrẹ́. Mò ń túmọ̀ eré Oscar Wilde tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1895, níbi tí ọkùnrin kan ti ń parọ́ pé Ernest ni òun ń jẹ́, tí orúkọ náà sì dún bákan náà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ẹni tó ń ṣe nǹkan tọkàntọkàn, láìṣẹ̀tàn. Ìparí eré ni ó tó hàn pé orúkọ rẹ̀ gan-an nìyẹn.

Mo kọ́kọ́ pè é ní Olóòótọ́. Nígbà tí a ń fi eré náà dánra wò, kò tíì sọ gbólóhùn mẹ́ta tí ìyá kan tó jókòó lẹ́yìn fi sọ pé, "Òpùrọ́ lèyí o." Etí Yorùbá kì í gbọ́ orúkọ kí ó má wá ìtumọ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ó yẹ kí ìtumọ̀ yìí fara pamọ́ títí dé òpin.

Àwọn Faransé lo Constant, tó jẹ́ orúkọ gidi, tó sì tún túmọ̀ sí ẹni tí kì í yẹ̀. Èyí ni mo fi ro Dúrósinmí, kí gbólóhùn ìkẹyìn lè bọ́ sórí "dúró ṣinṣin". Ṣùgbọ́n orúkọ àbíkú ni, ó sì ń gbé ọ̀fọ̀ wọ inú eré ẹ̀rín. Àlàyé ìsàlẹ̀ ìwé lè gba Ernest sílẹ̀ fún ẹni tó ń kà á, àmọ́ òǹwòran kò ní ìsàlẹ̀ ìwé níwájú.

Ẹ jọ̀wọ́, ṣé kí n fi Ernest sílẹ̀ nínú ìwé, kí n sì lo orúkọ mìíràn lórí ìtàgé? Àbí ẹ mọ orúkọ Yorùbá kan tí ìlò ti bo ìtumọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀?