Ẹ̀wà, búrẹ́dì àti ọsàn: kí la fẹ́ máa pe ohun tá à ń kà?

Atúmọ̀-èdè kan, Bódìjà: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mò ń túmọ̀ ìwé ìléwọ́ kan fún àwọn tó ní àtọ̀gbẹ n'Ìbàdàn. Wọ́n ní kí wọ́n máa ka gíráàmù kábóháídíréètì inú oúnjẹ. Mo kọ ọ́ pé "kí ẹ ka ìwọ̀n ṣúgà". Ṣé ó tọ̀nà?

Nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìntì, Mọ́kọ́lá: Rárá o. Bí ẹ bá sọ "ṣúgà" fún ìyá tó ń tajà ní Gbági, ife tíì rẹ̀ ló máa wò. Kò ní ka ẹ̀wà rárá, torí amáradàgbà la pè é fún un nílé ìwé. Amáradàgbà ni lóòótọ́, àmọ́ ohun tó ń di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀ náà wà níbẹ̀, kò sì kéré.

Ìyá kan gbé oúnjẹ àárọ̀ rẹ̀ lé òṣùwọ̀n lójú mi. Ẹ̀wà tó ti jinná jẹ́ gíráàmù 200. Nínú 100, bíi 20 ni kábóháídíréètì, ó di 40. Búrẹ́dì ẹ̀là méjì jẹ́ 60, ìdajì rẹ̀ ni kábóháídíréètì, 30 nìyẹn. Ọsàn kan tí wọ́n ti bó jẹ́ 130, bíi 15 ló wà níbẹ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 85. Ẹ̀wà ló kó èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀! Dípò "ṣúgà", mo fara mọ́ "afáralókun". Kí ẹ sì kọ "gíráàmù afáralókun", kí ẹnikẹ́ni má fi 200 ti òṣùwọ̀n ṣe 40.

Olùkọ́ Yorùbá kan, Mọ́níyà: Màmá, òróró náà ń fún ara lókun. "Adiṣúgà" ni mo fara mọ́. Ẹ sì yọ fáíbà ẹ̀wà kúrò, kì í di ṣúgà.

Nọ́ọ̀sì: Òótọ́ lẹ sọ nípa fáíbà. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé àpapọ̀ ni dókítà fi ṣírò ínsúlíìnì aláìsàn, tó wá ń yọ fáíbà fúnra rẹ̀, abẹ́rẹ́ á kéré, ṣúgà ẹ̀jẹ̀ á sì ga. Kó bi dókítà rẹ̀ kó tó yọ ọ́.

Bàbá kan, Apẹtẹ: Èmi ni mo ní àrùn náà. Ara àpò ẹ̀wà gbígbẹ ni mo ti rí 60 nínú 100. Mo fi ṣírò 200 tí mo bù nínú ìkòkò, ó di 120, mo sì gún abẹ́rẹ́ tó bá a mu. Kò pẹ́ tí òógùn fi bò mí, tí ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Omi ṣúgà tí ọmọ mi pò ló gbà mí. Ẹ̀wà gbígbẹ ti mu omi kó tó dé inú abọ́ mi, n kò rò ó. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ "jíjinná" síbẹ̀.

Atúmọ̀-èdè: Mo ti kọ ọ́: "Gbé ẹ̀wà jíjinná lé òṣùwọ̀n, kí o wá ṣírò gíráàmù afáralókun inú rẹ̀." Àmọ́ ọ̀rọ̀ òróró tí olùkọ́ sọ ṣì ń jẹ mí lọ́kàn. Mo bi ìyá mi àgbà nípa "adiṣúgà", wọ́n ní ṣé àdín ni.

Olùkọ́: Ẹ kọ ọ́ pẹ̀lú àmì, wọ́n á gbọ́ ọ.

Nọ́ọ̀sì: Ìyá àgbà ò ní rí àmì, etí ni wọ́n máa fi gbọ́ ọ.